Gẹ̀ẹ́sì tí yóò yé oníbàárà yín ní Kánò

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣàgámù ni mo wà, gbànja ni mo ń tà, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti jogún òwò náà. Àlàájì kan ní Kánò ló ń ra èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ Haúsá. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ̀wé síra wa lórí Wasáàpù, tiẹ̀ ò sì tó nǹkan. Àpò 40 ló yẹ kí ó gbéra ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì lọ́rì bàjẹ́. Mo kọ̀wé sí i pé ó di Ìṣẹ́gun, kí ó sì san 480,000 náírà tó kù kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó ní "OK". Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó rán ọmọ sí páàkì, kò sì san kọ́bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi dáa o, mo kàwé. Ìwé tí mo kọ sí i nìyí. Báwo ni kí n ṣe máa kọ ọ́ kí ó lè yé e?

*Ìdáhùn:* Ẹ kú òwò o. Mo ka ìwé náà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara. Ká ní ìdánwò ni, ẹ ó yege. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ka èyí náà rí i:

```
Kindly be informed that due to unforeseen circumstances
the consignment earlier slated for Thursday has been put
off till next week Tuesday, and it would be appreciated
if the outstanding balance could be cleared on or before
then to avoid further delay, as the driver will not move
unless it is sorted out.
```

Ọ̀rọ̀ 53 ló wà níbẹ̀, àmì ìdúró kan ṣoṣo ló sì ní, ní ìparí pátápátá. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀ kì í ka irú èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń kà á. Ojú rẹ̀ á máa fo ohun tí kò mọ̀, á máa ṣa èyí tó mọ̀. Mo rò pé ohun tí Àlàájì rí ṣà nínú ìwé yín kò ju "Thursday", "Tuesday", "driver" àti bóyá "balance" lọ. Thursday ló kọ́kọ́ pàdé, Thursday náà lẹ ti jọ sọ tẹ́lẹ̀, ló bá gbà pé ẹ kàn ń rán òun létí ni. "Put off" tó yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò rí i mú. Ó mọ "put", ó sì mọ "off" tí wọ́n ń kọ sára ibi tí a fi ń pa iná. Ìgbà tí wọ́n bá so pọ̀ ni kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Kò sì ní bi yín, torí kò sí àgbà oníṣòwò tó fẹ́ kí ọmọdé mọ̀ pé ìwé òun kò tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí a bá ní kí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ, tí wọ́n á fi kékeré rọ́pò. Ẹ má tíì débẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú bébà, kí ẹ fi Yorùbá kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó mọ̀ àti ohun tí ẹ fẹ́ kí ó ṣe, bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún ọmọ tí ẹ bá rán níṣẹ́. Ti yín á lọ báyìí: ẹ́ńjìnnì lọ́rì bàjẹ́. Àpò 40 ṣì wà ní Ṣàgámù. Lọ́rì yóò gbéra níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí Àlàájì san 480,000 náírà, ó pẹ́ tán lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá san án, ẹrù kò ní kúrò. Kí ó má rán ẹnikẹ́ni sí páàkì títí dẹ́rẹ́bà yóò fi pè é láti Kánò.

Ẹ wá gbé bébà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yín. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Kò sí 40, kò sí 480,000. Ẹni tí yóò san owó kò sí níbẹ̀, owó ni ẹ ní kí "be cleared", bí ẹni pé yóò san ara rẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni "slated for Thursday". Ṣé Ọjọ́bọ̀ ni yóò kúrò ní Ṣàgámù ni, àbí Ọjọ́bọ̀ ni yóò dé Kánò? Lọ́dọ̀ yín, kíkúrò ni. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń dúró de ẹrù, dídé ni, ìdí nìyẹn tó fi rán ọmọ sí páàkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò lè mọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn. Nítorí náà kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì yín le nìkan, ọ̀rọ̀ kò pé sínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, iṣẹ́ tí ìyẹn sì mọ̀ jù ni kí a má rí ẹni tó ṣe nǹkan.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí ẹ ó lò. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, torí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ tó bá ti kúrú ti rọrùn. Ọkùnrin ará Ìlú Ọba kan, C. K. Ogden, gbé Gẹ̀ẹ́sì kan jáde ní 1930 tó pè ní Basic English, kí àjòjì lè tètè mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ 850 péré ló fi sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀ kò sì ju 18 lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá kéré báyẹn, àfi kí ènìyàn máa so "put", "get", "give" àti "take" mọ́ "up", "off", "out" kí ó tó lè sọ̀rọ̀. "Give up" á wá dúró fún pé èèyàn jáwọ́, "put up with" á dúró fún pé ó fara dà á. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan rọrùn lójú ẹni tó ni èdè. Àjòjì tó bá wo "give" àti "up" kò lè rí jíjáwọ́ níbẹ̀ láé. Ìwé yín ní méjì irú rẹ̀, "put off" àti "sorted out", "cleared" sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, torí ohun tó mọ̀ pé wọ́n ń "clear" lè jẹ́ ẹrù ní èbúté tàbí koríko lóko.

Kí ẹ wá fi "postpone" rọ́pò "put off"? Rárá, ìyẹn náà kò ní mọ̀. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ gan-an: lọ́rì yóò kúrò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá ti lè sọ ohun tí ojú lè rí tàbí tí ọwọ́ lè kà, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ńlá tàbí kékeré ṣe mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn fún Àlàájì ni èyí tó ń lò lójoojúmọ́, ì báà gùn bí okùn. Ó mọ "waybill" dájú. Ó mọ "transfer", ó mọ "alert", ó mọ "park", ó mọ "lorry". Kò mọ "consignment", kò sì sí ìdí tí yóò fi mọ̀ ọ́n, torí kò sí ẹni tó ń pe àpò gbànja bẹ́ẹ̀ ní Sábó. Kódà mo ní kí ẹ kọ "goro" dípò "kola", bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ tó ń pè é nìyẹn láti kékeré, ẹ̀yin náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Haúsá ní Ṣàgámù títí ó fi di tiwa. Àfojúsùn wa ni kí iṣẹ́ tí ẹ rán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a kò kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti gbólóhùn, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹyọ kan máa gbé. Àwọn tó ń kọ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ òfuurufú ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní ASD-STE100, torí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì tó ń kà á káàkiri ayé kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan gbọ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú lè pa èèyàn. Òfin náà ní kí gbólóhùn tó ń sọ pé ṣe báyìí má ju ọ̀rọ̀ 20 lọ. Ìyẹn fún ẹni tó kọ́ṣẹ́. Fún Àlàájì yín, ó dára kí ẹ má ju mẹ́wàá lọ, bí ó bá lé díẹ̀, kò burú. Òfin kan náà ní kí orúkọ kan máa jẹ́ ti nǹkan kan títí dé òpin. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "lorry", "lorry" ni títí lọ, kí ó má di "truck" nísàlẹ̀, kí ó má di "vehicle", kí ó má di "it". Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé àwítúnwí kò dáa. Níbí, ó dáa gan-an. Ẹ wo "unless it is sorted out" yín, kí ni "it" yẹn? Owó ni? Ẹrù ni? Ọkọ̀ ni?

Kíkúrú kò sì ní kí ẹ já Gẹ̀ẹ́sì sí wẹ́wẹ́. Mo ti rí àwọn tó ń kọ "Lorry leave Tuesday" nítorí àtimú un rọrùn. Ṣé ó ti lọ ni, àbí yóò lọ? "Will" yẹn ló ń sọ ọ́, ẹ má yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "u", "b4" àti "2moro" tí àwọn ọmọ wa ń kọ lórí fóònù. Ẹni tó fi pátákó ojú títì àti rìsíìtì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò rí irú wọn rí.

Ọjọ́ àti owó ni ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. "Next week Tuesday" kò tó, torí ẹni tó bá ṣí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí lẹ́yìn Jímọ́ lè ka ọ̀sẹ̀ mìíràn. Àní bí a ṣe ń ka ọjọ́ yàtọ̀ síra. Ọjà tí àwa ń pè ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ẹni tó ń ka ọjọ́ bí òyìnbó yóò pè é, torí àwa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́, iye ọjọ́ àti oṣù papọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ oṣù, kì í ṣe nọ́ńbà rẹ̀. "On or before" náà ń ṣini lọ́nà, torí "before" nìkan ni yóò rí, á sì máa rò ó bóyá ọjọ́ Ajé gan-an ti pẹ́ jù. "The last day is Monday" kò ní wàhálà kankan nínú. Owó, ẹ kọ ọ́ tán: 480,000 naira, kì í ṣe 480k.

Ó ku ibi tí ẹ ti ń yí ọjọ́ padà. Ọjọ́ tuntun ni kí ó kọ́kọ́ dé, torí èyí tó bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò dì mú, bí Thursday ṣe ṣe nínú ìwé yín. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ọjọ́ àtijọ́ sílẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rò pé ọkọ̀ méjì ló ń bọ̀. Ẹ fi í sí gbólóhùn tirẹ̀, lẹ́yìn tuntun.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ tò ó nìyí, ká ní Ìṣẹ́gun náà bọ́ sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá:

```
The lorry engine is bad.
Your 40 bags of goro are in Sagamu.
The lorry will leave Sagamu on Tuesday 14 October.
The lorry will not leave on Thursday 9 October.

Please pay me 480,000 naira.
The last day is Monday 13 October.
If you pay, the lorry will leave on Tuesday.
If you do not pay, I will keep the bags.
```

Ẹ kíyè sí i pé "unless" ti di "if" méjì, ọ̀kan fún bí ó bá san, ọ̀kan fún bí kò bá san. Ó gùn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. "Keep" kúrú, ó mọ̀ ọ́n, àmọ́ ojú méjì ló ní. Ẹ̀yin ń sọ pé ẹ ó bá a tọ́jú ẹrù, òun lè kà á pé ẹ ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù òun. Láàárín ẹni méjì tó ń fi ìgbẹ́kẹ̀lé ṣòwò, ìjà ńlá lè ti ibẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ńlá inú ìwé yín àkọ́kọ́ kò sì lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀, torí wọn kò yé e rárá. Gbogbo gbólóhùn tí ẹ bá kọ tán, ẹ bi ara yín bóyá ẹni tí inú ń bí lè ka nǹkan mìíràn sí i. Mo yí i sí èyí, mo sì fi ọ̀rọ̀ páàkì kún un:

```
If you do not pay, the bags will stay in Sagamu.

The driver will call you from Kano.
Then send a man to the park.

Please send me two things:
1. The day you will pay.
2. The name of the man who will go to the park.
```

Ohun méjì tí mo ní kí ó fi ránṣẹ́ yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó yé e. "OK" kò fi nǹkan kan hàn. Bí ẹ bá bi í pé "Do you understand?", "Yes" ni yóò sọ. Ẹ kò sì lè máa bi àgbà pé lọ́jọ́ wo ni mo ní lọ́rì yóò lọ, bí tíṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ohun tí òun nìkan mọ̀, tí kò sì lè dáhùn láìjẹ́ pé ó ka ìwé yín, ìdáhùn rẹ̀ á tú u síta. Bí ó bá kọ "Monday" pẹ̀lú orúkọ ọmọ, ó ti yé e. Bí ó bá kọ "Thursday", ẹ ti rí ibi tó ti dojú rú kí ọmọ tó wọ páàkì. Bí "OK" bá tún jáde, ẹ gbé fóònù kí ẹ pè é.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa wò ó pé ìwé yìí gbẹ, pé ó dà bíi pé ẹ ń pàṣẹ fún àgbàlagbà. A tọ́ ọmọ Rẹ́mọ dáadáa, a kì í dédé já lu ọ̀rọ̀. Ẹ yà ìkíni sọ́tọ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ tó jẹ́ ìkíni nìkan, kí ẹ tilẹ̀ kí i ní "Ina kwana, Alhaji". Gbogbo ẹni tó wà ní Sábó ló lè kọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn. Kí ọ̀rọ̀ lọ́rì tó wá dé lọ́tọ̀, kí ti owó tẹ̀ lé e lọ́tọ̀. Ìkíni tí ẹ bá pò mọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán ló ń bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Tí fóònù bá dún, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé nìkan ló ń yọ lójú rẹ̀, ohun tó sì yọ nínú ti yín ni "Kindly be informed that due to". "Please" kan níwájú owó ti tó. "Kindly" kò fi ọ̀wọ̀ kún un fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ó lo ọgbọ́n kan náà bí ẹrù bá ní àléébù. Ẹ má kọ pé "the goods are substandard" tàbí "damaged". Ẹ kọ ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ tú àpò: "I opened 40 bags. I saw small holes in the goro in 3 bags. I saw insects." Ihò kòkòrò ní iye tó máa ń yọ lórí owó, èyí tó bu tàbí èyí tó hù ní tirẹ̀, "damaged" kò sì sọ èyí tó jẹ́. Oníṣòwò gbànja bá ka ihò àti kòkòrò, ó ti mọ bí yóò ṣe ná an. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kan tí ẹ là sí méjì, kí ẹ fi tẹ̀ lé e.

Ibi tí èyí kò lè dé wà. Bí ẹ bá fẹ́ yí àdéhùn padà, bóyá ẹ fẹ́ fi iye kún owó àpò tàbí ẹ kò fẹ́ tà á láwìn mọ́, ẹ má ṣe gbé e gba inú gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́wàá nìkan. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní "ṣùgbọ́n" àti "àyàfi" púpọ̀ nínú, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kúrò nítorí àtimú un rọrùn. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì ní Sábó, kí ó bá yín pè é, kí ẹ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì kékeré yìí kọ iye owó, iye àpò àti ọjọ́ tí ẹ fẹnu kò lé ránṣẹ́ sí i, kí ó lè wà lórí fóònù ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ sì fọgbọ́n wádìí bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á, torí bí ó bá jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló ń kà á sí i létí, ọmọ náà ni ẹ ń kọ̀wé sí, kò sì yẹ kí ẹ kọ ohun tí ẹ kò fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀.